Inú Tó Ń Wú: Ṣé Oúnjẹ Ni, Àbí Ìfun Fúnra Rẹ̀?

Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń wú kì í pẹ́ rí ohun tí yóò dì í rù. Ẹ̀wà àná ni, tàbí mílíìkì tó fi mu tíì láàárọ̀. Wọ́n á ní oúnjẹ yẹn ò bá a lára mu, òun náà á sì pa á tì. Bó bá jẹ́ pé inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó lè jàre. Ṣùgbọ́n bó bá yà gbuuru lónìí, tí kò tún rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́ta, tó wá padà di gbuuru, kó má tíì dá mílíìkì lẹ́bi. Mílíìkì tí ara kò gbà kì í sábà mú kí ìgbẹ́ le.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì kan púpọ̀ nínú wa. Ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ láátóòsì. Ìfun kékeré ọmọ ọwọ́ ní èròjà tó ń gé ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́ kí ara lè fà á mu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, èròjà náà a máa dín kù, díẹ̀ ló sì ń ṣẹ́ kù lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá. Láátóòsì tí ara kò gé á wá kọjá lọ sí ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ á sì sọ ọ́ di gáàsì. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí mélòó kan, inú á wú, á máa kùn, ìgbẹ́ á sì ṣàn. Bí mílíìkì náà bá ti jáde tán, ara á balẹ̀.

Bí mílíìkì náà ṣe pọ̀ tó ló ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kò gba láátóòsì ṣì lè mu tó gíráàmù 12 lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ife mílíìkì kan tó kún, láìsí wàhálà púpọ̀. Mílíìkì olómi inú agolo ní nǹkan bíi gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, nítorí náà, ṣíbí ìjẹun méjì tí èèyàn dà sínú tíì kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ. Ìyẹn kò tó ohun tí í máa da inú èèyàn rú lójoojúmọ́.

Ẹnì kejì tí a fẹ́ mọ̀ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Áì-Bí-Ẹ́sì, ìfun abínú. Bí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun, wọn kì í rí egbò, wọn kì í rí kókó. Wọ́n á wá sọ fún aláìsàn pé kò sí ohun tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ tó máa ń dun èèyàn wọ akínyẹmí ara. Ohun kan ń ṣe é: ìfun rẹ̀ a máa yára jù tàbí kó lọ́ra jù, iṣan ìmọ̀lára inú rẹ̀ sì ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn tó ní àìsàn yìí àti àwọn tí ara wọn le ní ṣúgà tó ń di gáàsì nínú ìfun, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yàwòrán inú wọn. Gáàsì ìfun ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn. Àwọn tó ní ìfun abínú ló jẹ̀rora rẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó fi lè jẹ ẹ̀wà inú ìkòkò kan náà pẹ̀lú ọkọ, kí ọkọ sùn fọnfọn, kí ìyàwó máa yí gbiri.

Báwo ni dókítà ṣe ń dá a mọ̀? Inú rírun ni òpó rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa run ún tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, kí nǹkan náà sì ti bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù 6 ó kéré tán. Ìrora náà tún gbọ́dọ̀ bá méjì rìn nínú mẹ́ta wọ̀nyí: kó máa pọ̀ sí i tàbí kó máa rọlẹ̀ bó bá yàgbẹ́, kí iye ìgbà tó ń yàgbẹ́ yí padà, kí ìrísí ìgbẹ́ náà yí padà. Inú tó kàn wú tí kò run ènìyàn kì í ṣe òun.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin aránṣọ kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí àwọn dókítà ń rí dáadáa. Ó ti pa mílíìkì tì nígbà tó yá, inú rẹ̀ ò sì yéé wú. Dókítà ní kó máa kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì: ohun tó jẹ àti aago tó jẹ ẹ́, bí inú rẹ̀ ṣe rí, bí ìgbẹ́ ṣe rí, àti oògùn tàbí àgbo yòówù tó bá lò.

Ìlà kẹrin ló tú àṣírí. Lọ́jọ́ Àìkú, ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó rí kóró-kóró. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì lo Flájìlì tí ọmọ kẹ́mísì tà fún un láìyẹ ohunkóhun wò. Ọjọ́rú títí di Ẹtì, kò rí nǹkan kan yà, nítorí náà ó tún wá àgbo lọ. Irú àgbo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ewé àsúnwọ̀n nínú, ìyàgbẹ́ gan-an ni iṣẹ́ ewé ọ̀hún. Ìfun tó ti dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù nílò ọjọ́ mélòó kan kó tó kún padà, obìnrin yìí sì ń ka ọjọ́ wọ̀nyẹn sí àìrígbẹ́yà. Nígbà tó jáwọ́ nínú àgbo àti Flájìlì, gbuuru líle yẹn dín kù. Ọjọ́ tí ìgbẹ́ ń le ṣì ń wá, inú ṣì ń run ún, ó sì ń rọlẹ̀ bó bá ti yà á.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dán mílíìkì wò bó ṣe yẹ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò fẹnu kan mílíìkì àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Lẹ́yìn náà, ó mu ife kan tó kún lórí inú òfo, lọ́jọ́ mẹ́ta tó jìnnà síra. Lójoojúmọ́ tó mu ún, inú rẹ̀ wú kó tó di ọ̀sán, ó sì ṣu. Ara rẹ̀ kò gba mílíìkì púpọ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fojú kan mílíìkì rárá, ìrora àti ìgbẹ́ líle ò dúró. Ìfun abínú ló ní, mílíìkì púpọ̀ kàn ń dá kún un ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí èyí. Ìfun abínú kì í mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ìgbẹ́, kì í mú ènìyàn rù, kì í fa ibà, kì í sì í sábà jí ènìyàn lójú oorun láti lọ yà gbuuru. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tàbí tí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 50, tàbí tí jẹjẹrẹ ìfun wà nínú ìdílé rẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí a ń fi àgbo lé, lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ń dàgbà sí i. Bákan náà, obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún tí inú rẹ̀ ń wú lemọ́lemọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilé ẹyin òun wò.

Ní ti oúnjẹ, àlùbọ́sà, aáyù, ẹ̀wà àti àlìkámà ló sábà máa ń da ìfun abínú láàmú. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Monash ní Melbourne ló gbé ọ̀nà kan kalẹ̀: kí a yọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kúrò fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, ká sì dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kó pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Dídá wọn padà yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, wọ́n á máa jẹ ìrẹsì nìkan títí wọn á fi rù. Aránṣọ wa dá tirẹ̀ padà. Àlùbọ́sà ló rí i pé kò bá òun lára mu, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ kì í yọ́ sínú òróró, nítorí náà ó ń dín àwọn ègé ńláńlá nínú òróró ọbẹ̀, á sì ṣà wọ́n kúrò kó tó da ata sí i. Ẹ̀wà tó ti ń sá fún kò ṣe é ní nǹkan kan, bó bá ti rẹ ẹ́ mọ́jú, tó da omi rẹ̀ nù, tí kò sì bù ju ìgbakọ kan lọ.