Bàbá ń dàrú, wọ́n tún ń ṣubú: ohun tí dókítà ń wá nínú lẹ́tà ọmọ wọn

"Ẹ káàsán, dókítà. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo bá wá. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Títí di oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn ló ń ka ìwé ìròyìn sí wa létí láàárọ̀, wọ́n sì máa ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Lánàá, wọ́n gbé bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ní àwọn ń lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 2006. Tó bá dọ̀sán, ojú wọn á tún wálẹ̀, wọ́n á máa bá wa ṣàwàdà. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n sì máa ń ṣubú sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ogbó ni, ó ra oògùn orun fún wọn. A ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti asipírínì kékeré ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ẹ má bínú, bóyá èyí ò kàn án: nígbà ọdún Àjíǹde, bútù mọ́tò gbá wọn lórí níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù. Kò ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n sì jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà."

Èmi ni mo kó lẹ́tà yìí jọ, láti inú irú ohun tí àwọn ọmọ tó ń tọ́jú òbí wọn máa ń sọ fún dókítà. Mo fi ọ̀rọ̀ bútù sí ìparí nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni irú rẹ̀ sábà máa ń wà, tí ẹni tó ń sọ ọ́ á sì tún máa tọrọ àforíjì. Ó kàn án gan-an ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà á fà yọ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ṣíṣarán àgbà kì í sábà dé báyìí. Ọdún mélòó kan ló fi ń yọ́ wọlé, tí àwọn ará ilé kì í lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn ní oṣù méjì sẹ́yìn, tí kò wá dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́ lónìí, nǹkan kan ló ṣe é láàárín. Ohun kejì ni pé ìdàrú náà ń lọ, ó ń bọ̀. Èyí lè wá láti ara kòkòrò àrùn inú ìtọ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, iyọ̀ tó dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí láti ara oògùn orun yẹn fúnra rẹ̀. Nítorí náà, dókítà á kọ́kọ́ gún wọn níka wo ṣúgà, á gba ìtọ̀ wọn fún àyẹ̀wò, á sì wọn ìfúnpá wọn lórí ìdùbúlẹ̀ àti lórí ìdúró. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n dìde, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè ti máa le jù fún wọn, ìyẹn nìkan sì tó láti gbé àgbà ṣubú.

Ṣùgbọ́n ìfúnpá kì í yan ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé òsì ló máa ń ṣubú sí, ó yẹ ká yẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Dókítà á ní, "Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú, ẹ kọjú àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ wá dijú." Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ òsì á rọra máa sọ̀ kalẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa yí wọnú. Bàbá fúnra wọn lè má mọ̀, wọ́n lè máa sọ pé ọwọ́ méjèèjì ṣì wà lókè. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ òsì bá rọ báyìí, apá ọ̀tún ọpọlọ ni à á wò, torí òun ló ń darí rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ òjijì ni rọpárọsẹ̀ sábà ń dé. Èyí tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan gbá àgbà lórí, ẹ̀jẹ̀ tó sé sábẹ́ awọ ọpọlọ ni dókítà á máa fura sí.

Awọ líle kan ló bo ọpọlọ lábẹ́ agbárí. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ojú ọpọlọ lọ sínú awọ náà. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ọpọlọ ń sún kì, àlàfo ń fẹ̀ sí i, àwọn iṣan wọ̀nyí á wá nà tantan. Ohun tí kò ní ṣe ọ̀dọ́ ní nǹkan kan lè fa ọ̀kan nínú wọn ya lára àgbà. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀, asipírínì kò sì ní jẹ́ kó tètè dá. Ara á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká, ṣùgbọ́n àwọn iṣan tuntun tó hù nínú awọ náà kò lágbára, àwọn náà á tún máa jò. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún Àjíǹde fi lè máa bí wàhálà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣubú tuntun sì lè tún dá kún un. Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí: láti 1857 tí Rudolf Virchow ti ní wíwú awọ ọpọlọ ló fà á, ó di 1914 kí Wilfred Trotter, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tọ́ka sí iṣan tó ya. Ọ̀pọ̀ àgbà kì í tiẹ̀ rántí pé nǹkan kan gbá àwọn lórí.

Ẹ̀rọ síkáànù ló ń fi í hàn. Ẹkisiréè agbárí kò lè rí i. Ẹ̀jẹ̀ tuntun máa ń funfun nínú àwòrán síkáànù, èyí tó ti pẹ́ á dúdú ju ọpọlọ lọ. Láàárín méjèèjì, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti ọpọlọ mu, tí ojú á fi fò ó, pàápàá bó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, kí ọmọ rí i dájú pé ọjọ́ tí nǹkan gbá Bàbá lórí wà nínú ìwé tí wọ́n ń mú lọ síbi síkáànù.

Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá kéré, tí kò sì yọ Bàbá lẹ́nu, dókítà lè máa ṣọ́ ọ, kó tún ya àwòrán mìíràn. Èyí tó ń ti ọpọlọ, tó ń sọ ẹ̀gbẹ́ kan di aláìlágbára, iṣẹ́ abẹ ni. Ihò kan tàbí méjì ni wọ́n á lu sí agbárí, ihò tó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Nígbà mìíràn ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn. Ohun tó ń tú jáde máa ń dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó. Wọ́n á fi omi oníyọ̀ fọ ibẹ̀, wọ́n á sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì kí ìyókù máa sun jáde. Rọ́bà yẹn ṣe pàtàkì: nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kéńbíríìjì, tó jáde ní 2009, nǹkan bí 24 nínú 100 àwọn tí wọn kò fi í sí lára ló tún nílò iṣẹ́ abẹ; nínú àwọn tí wọ́n fi í sí lára, nǹkan bí 9 ni. Nílẹ̀ Yorùbá, láti 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn ni a ti ní àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ yìí. Owó síkáànù, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń san látinú àpò ara wọn, ló sábà máa ń dá wa dúró.

Kí wọ́n dá oògùn orun yẹn dúró kí dókítà tó rí Bàbá, kí wọ́n sì pe dókítà lórí asipírínì lọ́jọ́ náà gan-an, torí ẹni tó ní àrùn ọkàn lè ní ìdí pàtàkì tó fi ń lò ó. Bí Bàbá bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tí wọ́n ń bì, tí gìrì mú wọn, tàbí tí ẹyin ojú kan dúdú tóbi ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ló ń padà bọ̀ sípò pátápátá, pàápàá bí ara ti rẹ̀ ẹ́ jù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà sì lè padà. Bí Bàbá bá tún ń fi orúkọ olóògbé pe ọmọ wọn láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má tún ra oògùn ibà. Kí wọ́n mú àwòrán àkọ́kọ́ dání, kí wọ́n padà síbi síkáànù.