Nítorí Kí La Ṣe Ń Fìyà Jẹ Ọ̀daràn?

Lóṣù kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga kan l'Ábùjá dájọ́ fún ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Owó tọ́rọ̀ kàn lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì-méjì lórí ẹ̀sùn mẹ́ta, tàbí kó san ₦250,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó san ₦750,000 náà. Ará ìlú fajú ro, bẹ́ẹ̀ abala òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́ kò fàyè gba ju ọdún méjì lọ, ó sì fàyè gba owó ìtanràn.

Òfin sábà máa ń sọ ibi tí ìyà lè ga dé. Adájọ́ ló kù tí yóò pinnu ohun tó fẹ́ kí ìyà náà ṣe, kó tó mú iye. Bó bá jẹ́ ẹ̀san ló ń wá, ìyà gbọ́dọ̀ wúwo tó ẹ̀ṣẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wúwo jù ú lọ. Ẹ̀san kan náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ẹni tó jí adìẹ sẹ́wọ̀n gbére.

Bó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn lè bẹ̀rù ni, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, owó ìtanràn náà kò tó ìdajì kọ́bọ̀. Ta ni yóò bẹ̀rù ìyẹn? Àmọ́ kí ìyà kàn le nìkan kò tó. Lọ́dún 1971, ìjọba ológun yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní Bá Bíìsì l'Ékòó níṣojú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, síbẹ̀ ìdigunjalè kò tán nílẹ̀. Beccaria, ará Ítálì, ti kọ ọ́ lọ́dún 1764 pé ohun tó ń da ìdẹ̀ra ọ̀daràn láàmú jù ni kó dá a lójú pé ọwọ́ yóò tẹ òun.

Ìkẹta ni àtúnṣe ìwà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, to ẹ̀san, ìdẹ́rùbà àti àtúnṣe pọ̀ mọ́ àwọn ète mìíràn láìsọ èwo ló ga jù. Ó ní kí adájọ́ má fún ẹni tó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní ní ìyà tó ga jù lọ. Fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́ta, tí kò ní ohun ìjà tàbí ìwà ọ̀daràn ìbálòpọ̀ nínú, adájọ́ lè ní kó ṣiṣẹ́ ìlú. Ọ̀dọ́ tó jí fóònù lẹ́ẹ̀kíní ló yẹ bẹ́ẹ̀, torí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó kún fọ́fọ́ lè sọ ọ́ di ògbólógbòó. Ọ̀gá tó kàwé, tó mọ òfin, tó sì gbówó àwọn arúgbó lọ, kí ni a fẹ́ kọ́ ọ? Lójú tèmi, ẹ̀san àti kí ó dá owó padà ló tọ́ sí i.

Àjọ tó ń bójú tó àwọn adájọ́ dá adájọ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún kan. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ìyà náà di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, ó sì ní kí ọkùnrin náà dá bílíọ̀nù tó lé ní 20 padà.