Ìdánwò Aṣíwèéwò àti Ìdánwò Àmúrelé: Ohun Tí Òfin Gbà àti Ohun Tí Kò Gbà

Ní Òdòdè Ìdànrè, ní Aládé àti ní Atòsìn, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí ọmọ ẹni jókòó sí yàrá ilé bàbá rẹ̀, kí ó sì máa kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tí ọgbà rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan wà lábẹ́ NOUN, Yunifásítì Ìṣísílẹ̀ ti orílẹ̀-èdè wa, níbi tí iṣẹ́ TMA tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe láti ilé ti ń kó 30 nínú 100 máàkì, tí ìdánwò ìparí sì ń kó 70 yòókù. Àwọn mìíràn wà lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wa ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, gbé ìdánwò kúrò ní gbọ̀ngàn lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí kálukú lè ṣe é nílé. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ohun tí òbí ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni pé, "Wọ́n ní a lè lo ìwé."

Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ tú wò, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé akẹ́kọ̀ọ́ lè wo ìwé lọ. Kò sọ iye wákàtí tí ó ní. Kò sọ ẹni tí ó lè bá sọ̀rọ̀. Kò sì sọ bóyá ó gbọ́dọ̀ fi hàn ibi tí ó ti rí ọ̀rọ̀ tí ó kọ.

Oríṣi ìdánwò méjì ni ó pín orúkọ yìí mọ́ra lọ́wọ́. Èkínní ni èyí tí a ó pè ní ìdánwò aṣíwèéwò. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ṣe é, olùṣọ́ ìdánwò ń rìn káàkiri, ṣùgbọ́n a gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé wọlé. Àwọn tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wa yóò rántí ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń wá iye lọgárídíìmù nínú ìdánwò ìṣirò. Ọ̀nà kan náà ni. Ìlànà lè gba gbogbo ìwé, ó sì lè gba abala tákàdá kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó sì lè jẹ́ ìwé òfin nìkan, pẹ̀lú àṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí ìkọ̀wé kankan ní etí rẹ̀. Èkejì ni ìdánwò àmúrelé. Akẹ́kọ̀ọ́ gba ìbéèrè, ó gbé e lọ sí ilé, ó sì dá ìdáhùn padà kí gbèdéke tó pé. Kò sí olùṣọ́ lórí rẹ̀.

Ní ti àkókò, ìyàtọ̀ wọn kò fara sin. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ni a sábà máa ń fún ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn, bí ẹni pé kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé fi ń pàdánù. Bí ìbéèrè mẹ́rin bá wà fún wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tí ó bá fi 20 nínú rẹ̀ ṣí ojú ewé kiri ti sọ nǹkan bí ìdajì àkókò rẹ̀ nù kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ìwé tí a mú wọlé wúlò fún ẹni tí ó ti mọ ojú ewé tí ohun tí ó ń wá wà.

Ìdánwò àmúrelé lè gba wákàtí 24, ọjọ́ mẹ́ta, tàbí ọ̀sẹ̀ kan pàápàá. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn kan wà tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣọ́ra fún. Àkókò tí ìlẹ̀kùn ìdánwò fi ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àkókò tí a fún ènìyàn láti fi kọ ọ́. Wọ́n lè kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé ìdánwò ṣí láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́rú, kí wọ́n sì fi kún un pé wákàtí mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ìgbà tí ó bá ti tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́rú, ní èrò pé wákàtí mẹ́ta ṣì ń bẹ níwájú, yóò rí i ní ọ̀pọ̀ ètò pé wákàtí kan péré ni ó kù fún òun.

Ọ̀rọ̀ aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún wà níbẹ̀. Aago tiwa kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn ń yí. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di èyí tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago Ìdànrè dọ́gba. Ní ìgbà òtútù wọn, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú. Nítorí náà, gbèdéke aago méjìlá ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ aago kan níbí ní oṣù Kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún, aago méjìlá gan-an ni. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti fi wákàtí kan kún un yóò fi wákàtí kan pẹ́. Iná mànàmáná àti nẹ́tíwọ̀kì wa kò sì gba kí ènìyàn dúró de ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ìfikùnlukùn ni ó le jù. Nínú gbọ̀ngàn, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a kì í bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Nínú ilé, kò sí ẹni tí ó ń wo ni, gbogbo ìwé wà ní ìṣísílẹ̀, Wáàsápù ẹgbẹ́ sì ń dún. Ó rọrùn kí ènìyàn rò pé bí a bá ti gbà mí láàyè láti wo íńtánẹ́ẹ̀tì, a ti gbà mí láàyè láti bi ọ̀rẹ́ mi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Hávádì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fojú rí èyí. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2012, kíláàsì kan tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ 279, tí wọ́n ń kọ́ nípa ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ilẹ̀ náà, gba ìdánwò ìparí gẹ́gẹ́ bí àmúrelé. Ìlànà tí ó wà lórí ìwé ìbéèrè gbà wọ́n láàyè láti lo ìwé, àkọsílẹ̀ àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlànà kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jíròrò ìdánwò náà. Nígbà tí a ń máàkì, a rí i pé ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn jọra ju bí ó ti yẹ lọ, títí kan àṣìṣe inú rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún náà, yunifásítì kéde pé òun ń wádìí nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 125, ìyẹn sì sún mọ́ ìdajì kíláàsì. Àwọn kan wí àwíjàre pé ṣe ni àwọn jọ pín àkọsílẹ̀ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí àṣà, àti pé ọ̀dọ̀ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ kan náà ni àwọn ti béèrè àlàyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, a kéde pé ó ju ìdajì àwọn tí a wádìí lọ tí a ní kí wọ́n kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ fún ìgbà kan.

Ní tiwa, a kò rò pé gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó pinnu láti ṣe màgòmágó. Gbólóhùn tí ó gbà wọ́n láàyè ni púpọ̀ nínú wọn kà tí wọ́n sì rántí. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbójú fò. Àṣìṣe tí ó jọra sì ni ó ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀, nítorí ènìyàn méjì lè dé ibi òtítọ́ kan náà láìrí ara wọn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ṣìnà sí ibì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àpẹẹrẹ ilé gbé ìtọ́kasí yẹ̀ wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn kan ní Òdòdè gba ìbéèrè àmúrelé oníwákàtí 24 pé kí ó ṣàlàyé bí àwọn ará Ìdànrè ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí òkè. Bí ó bá jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ni ó wà, orúkọ òǹkọ̀wé àti ojú ewé nínú àkámọ́ ti sábà máa ń tó, nítorí olùkọ́ mọ̀ pé kò sí àyè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àmúrelé, ohun tí a ń béèrè fún nínú iṣẹ́ àṣekọ ni a ń béèrè: òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, ojú ewé, àti àkójọ ìwé ní ìparí. Ẹ̀rọ bíi Turnitin a sì máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé ti àwọn ìwé mìíràn àti ti akẹgbẹ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọ́ pé àtẹ̀gùn tí ó lọ sí ìlú àtijọ́ náà jẹ́ 660. Ibi tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti kà á kọ 682. Iye méjèèjì wà nínú ìwé káàkiri, olùkọ́ kò sì ní fi ìyàtọ̀ yìí jẹ wọ́n níyà. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tọ́ka sí ibi tí ó ti rí 660, olùkọ́ kò ní lè mọ̀ bóyá ó kà á, bóyá ó gùn ún, tàbí bóyá ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Bí ó bá tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún gbólóhùn òǹkọ̀wé sọ, ìtọ́kasí ṣì di dandan. Bákan náà ni bí ó bá mú abala kan nínú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti fi sílẹ̀ fún máàkì tẹ́lẹ̀.

Ìyá-àgbà rẹ̀ wá ńkọ́, tí àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ náà? Ìtàn ẹnu rẹ̀ jẹ́ orísun ìmọ̀ gidi, ó sì ṣeé tọ́ka sí bí ìwé: orúkọ màmá, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, nígbà tí kò tíì rí ìbéèrè, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ìbéèrè dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó kà á sí màmá létí, tí ìlànà sì ní kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jíròrò rẹ̀, ó ti rú òfin, bí màmá kò tilẹ̀ mọ̀wé kà. Níbi tí ìlànà kò bá ti sọ ohunkóhun nípa irú èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, kí ó sì tọ́jú èsì tí ó bá rí gbà.