Àga Mélòó Ló Wà Lára Èédú?

Lọ́dún 1918, Irving Langmuir ṣàlàyé bí gáàsì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara ohun líle. Ẹ fi wé ọkọ̀ èrò: àga níye, ẹnì kan ló sì ń jókòó sórí ọ̀kan.

Ẹ wo èédú tí wọ́n fẹ́ kábọ́ọ̀nù mónósáìdì sí ní 0°C. Nígbà tí ìfúnpá (p) jẹ́ 13.3 kPa, gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ọn (V) jẹ́ 10.2 cm³, ní 93.3 kPa, ó di 46.1. Ìfúnpá ti di ìlọ́po méje, ṣùgbọ́n V kò tó ìlọ́po márùn-ún. Àyè ti ń há.

Bí a bá yà á sórí pépà, ìlà rẹ̀ á tẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí a fi V pín p:

p/V = p/Vm + 1/(K·Vm)

Ìlà náà á wá tọ́ gbọọrọ, láti 1.30 dé 2.02. Fi 80 kPa tó wà láàárín wọn pín ìyàtọ̀ 0.72, wàá rí 0.009. Fi 0.009 pín 1, ó di nǹkan bí 111 cm³: ìyẹn ni Vm, iye tí èédú yóò gbà bí gbogbo àga bá kún.

Ẹ rọra o! 46 péré la fojú rí. Ìlà ló sọ 111. Bí àwọn àmì bá sì tẹ̀ síbẹ̀, bóyá àga kò dọ́gba, tàbí èrò ti ń jókòó léra wọn lẹ́sẹ̀, ìṣirò Langmuir kò bá irú èédú bẹ́ẹ̀ mu.