Ẹjọ́ ní Kóòtù, Wáráńtì Lọ́wọ́ Oníbàárà: Èwo La Ó Kọ bíi Gbèsè?

Bí ọdún bá ti parí, tí àwọn tí mo kọ́ bá ń ṣètò ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ wọn, ìbéèrè kan wà tó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́, kóòtù ò tíì dájọ́. Ọ́dítọ̀ ní kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀, ọ̀gá àgbà ní òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Tí wọ́n bá kọ ọ́, èrè ọdún náà lè di àdánù, báńkì tó yá wọn lówó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè. Tí wọn ò bá kọ ọ́, wọ́n lè pín èrè tí kò sí fún àwọn tó ní ìpín.

Ìlànà tó sọ̀rọ̀ lórí èyí ni IAS 37. Ó ní ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé kí a tó ya owó sọ́tọ̀. Èkíní, ohun kan ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ọdún ìṣirò tó parí, tó sì ti di ọ̀ranyàn sí ilé-iṣẹ́ lọ́rùn. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ jọ pé owó yóò jáde ju pé kò ní jáde lọ. Ẹ̀kẹta, a gbọ́dọ̀ lè fojú bu iye rẹ̀ dáadáa. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò ní kọ gbèsè. Inú nóòtì ìwé ìṣirò la ó ti ṣàlàyé rẹ̀, àyàfi tí ó bá jìnnà réré pé owó kankan lè jáde. Ìgbà yẹn, a lè dákẹ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà “yà sọ́tọ̀” tàn yín. Kò sẹ́ni tó ń kó náírà sínú àpótí. Ohun tí à ń ṣe ni pé a yọ iye náà kúrò nínú èrè ọdún yìí, a sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń to jẹnẹrétọ̀, tí ọdún ìṣirò rẹ̀ ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ó ta 2,000 lọ́dún náà, ó sì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní wáráńtì ọdún kan. Àkọsílẹ̀ tó ti ń ṣe bọ̀ fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún jẹnẹrétọ̀, 90 kì í padà wá. Mẹ́jọ máa ń padà pẹ̀lú àléébù kékeré tó ń gba ₦15,000 láti tún ṣe. Méjì máa ń padà pẹ̀lú àléébù ńlá tó ń gba ₦120,000.

Tí ẹ bá wo jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wà pé yóò padà wá. Kò tó ìdajì. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé, “Ṣé ẹ rí i, kò sí gbèsè níbẹ̀.” Ṣùgbọ́n IAS 37 ní nígbà tí ọ̀ranyàn tó jọra bá pọ̀, ẹ kó wọn pọ̀ kí ẹ tó béèrè bóyá owó yóò jáde. Nínú 2,000 jẹnẹrétọ̀, ta ló máa sọ pé ẹyọ kan ò ní padà? Owó yóò jáde dájú. Títà tí wọ́n tà á pẹ̀lú wáráńtì ló dá ọ̀ranyàn náà sílẹ̀, títà ọ̀hún sì ti kọjá.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Àléébù kékeré: 160 lọ́nà ₦15,000, ó jẹ́ ₦2,400,000. Àléébù ńlá: 40 lọ́nà ₦120,000, ó jẹ́ ₦4,800,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,200,000. Tí wọ́n bá ti ná ₦2,200,000 lórí àwọn tó ti padà wá kí ọdún tó parí, tí ìrírí wọn ò sì yí padà, ₦5,000,000 tó kù ni wọ́n máa kọ bíi gbèsè.

Ní ọdún kan náà, oníbàárà kan pe ilé-iṣẹ́ yìí lẹ́jọ́. Ó ní jẹnẹrétọ̀ wọn gbiná, ó sì jó ṣọ́ọ̀bù òun. ₦30,000,000 ló ń béèrè. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ wo ìwé ẹjọ́, ó ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà pé wọ́n máa jẹ̀bi. Èyí kì í ṣe ohun tó pọ̀ tó jọra. Ẹyọ kan ni. Ìdá 40 kò tó ìdajì, nítorí náà kò sí gbèsè láti kọ. Ṣùgbọ́n kò jìnnà réré rárá, torí náà ó gbọ́dọ̀ wọ inú nóòtì: irú ẹjọ́ tó jẹ́, iye tó lè jáde níbi tí ó bá ti ṣeé fojú bù, àti ohun tí kò tíì dájú níbẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ti rí jù níbí ni kí èèyàn fi ìdá 40 lọ́nà ₦30,000,000, kó sì kọ ₦12,000,000 bíi gbèsè. Ìṣirò tó bá 2,000 jẹnẹrétọ̀ mu ni, kò bá ẹjọ́ kan ṣoṣo mu.

Ká wá ní lọ́yà sọ pé ìdá 60 ló wà pé wọ́n máa jẹ̀bi, àti pé iye tó jọ pé adájọ́ máa dá jù ni ₦12,000,000, nítorí pé olùpẹjọ́ kò ní ẹ̀rí fún ìyókù. Ọ̀ranyàn ti wà, owó sì jọ pé yóò jáde. ₦12,000,000 odindi la ó kọ. A ò ní kọ ₦30,000,000 tí olùpẹjọ́ dárúkọ, a ò sì ní kọ ìdá 60 nínú ₦12,000,000, torí kò sí adájọ́ tó máa dá ₦7,200,000 yẹn. Tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá máa san lára rẹ̀, ẹ má yọ ọ́ kúrò lára gbèsè yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ohun-ìní ló máa wà lọ́tọ̀, kìkì tí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú tán pé wọ́n máa san.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ká ní ẹnjiníà gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ wá ní oṣù Kejì, kí àwọn adarí tó fọwọ́ sí ìwé ìṣirò, tó sì fi hàn pé wáyà tí wọ́n so láṣìṣe ní ilé-iṣẹ́ ló fa iná. Àbọ̀ ọ̀hún tuntun ni, ṣùgbọ́n ohun tó tú síta ti wà nílẹ̀ kí ọdún tó parí. Ẹ gbọ́dọ̀ padà sínú ìwé ìṣirò ọdún yẹn, kí ẹ sọ nóòtì di gbèsè.

Ìdí nìyí tí lẹ́tà lọ́yà tó kàn sọ pé “ẹjọ́ wa lágbára” kò fi tó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ béèrè pé: kí ni olùpẹjọ́ ní lọ́wọ́? Ṣé ó ju ìdajì lọ pé a máa jẹ̀bi? Tí a bá jẹ̀bi, iye wo ló jọ jù? Tí ọ̀gá bá ń bẹ̀rù pé nóòtì máa fi àṣírí han olùpẹjọ́, ìlànà fàyè díẹ̀ sílẹ̀: níbi tí àlàyé bá lè ba ẹjọ́ jẹ́ gidigidi, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀, a lè fi iye pamọ́. Ṣùgbọ́n a ṣì gbọ́dọ̀ sọ irú àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ àti ìdí tí a fi dákẹ́ lórí ìyókù.

Lọ́dọọdún, ẹ gbé iye tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún wáráńtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ ná gan-an. Tí ₦5,000,000 bá ń di ₦2,000,000 lọ́dún mẹ́ta léraléra, ẹnì kan ń fi èrè pa mọ́ de ọdún tí ọjà kò ní tà. Ìlànà ò gbà á: ohun tí a torí rẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ nìkan la lè ná an lé, èyí tí a ò bá sì nílò mọ́, inú èrè la ó dá a padà sí, lójú gbogbo èèyàn.