Iléeṣẹ́ kò gbé ìṣirò owó rẹ̀ síta: Báwo lẹ ṣe lè mọ bó ṣe tóbi tó kí ẹ tó ta ọjà fún un láwìn?

Iléeṣẹ́ kan pè yín pé òun fẹ́ ra ọjà náírà mílíọ̀nù 6, òun á sì san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 45. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn lé ní 500, àti pé àwọn ní ọ́fíìsì l'Ékòó, l'Ábùjá àti ní Port Harcourt. Ṣé ẹ máa kó ọjà náà fún wọn?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Nàìjíríà ni irú ìbéèrè yìí ti bá. Àwọn iléeṣẹ́ tí ìpín ìdókòwò wọn wà fún títà ní ọjà NGX gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò owó wọn síta kí gbogbo ayé rí i. Àmọ́ ti iléeṣẹ́ àdáni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tó bá tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí CAC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè ṣí wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà láti fojú bu bí iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe tóbi tó. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ máa wò: iye òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìpele tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún wà, àti ààyè tí ọ́fíìsì rẹ̀ gbà. Kò sí èyí tó ṣeé gbára lé lóun nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ṣọ̀kan ni ìdáhùn máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní obìnrin oníṣòwò kan n'Íbàdàn ló ń ta ọṣẹ, oògùn apakòkòrò àti ohun èlò ìnulẹ̀ ní páálí páálí. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ ra ọjà náà láwìn wà l'Ékòó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa bá àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tún ọ́fíìsì wọn ṣe.

Kí ni àkọsílẹ̀ CAC lè sọ fún yín?

Ibi tí oníṣòwò yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú òpó CAC, níbi tó ti tẹ orúkọ iléeṣẹ́ náà wọlé. Ó rí nọ́ńbà RC rẹ̀, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, àti bóyá ó ṣì ń ṣe ojúṣe rẹ̀ fún àjọ náà. Tí ẹ bá rí `INACTIVE` níwájú orúkọ iléeṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé kò tíì fi ìwé ọdọọdún rẹ̀ ránṣẹ́ dé ibi tó yẹ.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ìyẹn ni iye ìpín ìdókòwò tí iléeṣẹ́ fi forúkọ sílẹ̀. Òfin iléeṣẹ́ ọdún 2020, CAMA, ní kí ìpín iléeṣẹ́ àdáni má dín ní ₦100,000. Ẹni méjì lè jókòó sínú yàrá kan kí wọ́n kọ mílíọ̀nù 50 sí ìwé wọn. Iye yẹn kò sọ ohun tó wà ní báńkì wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ iye ọjà tí wọ́n ń tà.

Ẹ ka ibi iṣẹ́, ẹ má gba ti ẹnu

Iléeṣẹ́ náà ní òṣìṣẹ́ òun lé ní 500. Oníṣòwò yìí kò bá wọn jiyàn. Ohun tó bi wọ́n ni iye ilé tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́ báyìí, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dárúkọ ibi 14.

Ó ní kí àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ékòó lọ sí mẹ́ta nínú rẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé. Èèyàn 8 ló rí ní ibi àkọ́kọ́, 11 ní ibi kejì, àti 8 ní ibi kẹta. Èyí jẹ́ 27, ìyẹn èèyàn 9 ní ibi kọ̀ọ̀kan. Tí a bá sọ 9 di ọ̀nà 14, ó jẹ́ 126. Tí a bá fi àwọn tó ń rọ́pò ẹni tó gba ìsinmi àti àwọn ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì kún un, ó máa súnmọ́ 140.

Nígbà náà, níbo ni 500 ti wá? Ó lè jẹ́ gbogbo ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n kà. Ó sì lè jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn tó ń bá wọn ṣe kọ́ńtíráàkì ni wọ́n kà mọ́ tiwọn. Ìkànnì bíi LinkedIn náà kò ṣeé gbára lé níbí, torí àwọn tó ń gbálẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀, nígbà tí orúkọ ẹni tó ti kúrò níṣẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ìwé kan wà tó lè jẹ́rìí sí iye yìí. Òfin ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ ITF tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń wá kọ́ńtíráàkì ìjọba àpapọ̀ kò sì lè ṣe kó má ní ìwé ẹ̀rí ITF. Nítorí náà, tí ẹ bá rí rìsíìtì owó tí iléeṣẹ́ san, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 100, ẹ ó sì rí iye owó oṣù tó kéde fún odidi ọdún.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦1,240,000 ló wà lórí rìsíìtì. Ìyẹn ni pé náírà mílíọ̀nù 124 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn lọ́dún.

Ṣé èyí bá èèyàn 140 mu? Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà láti ọdún 2024 ni ₦70,000. Tí èèyàn 140 bá ń gba iye yẹn, ó jẹ́ mílíọ̀nù 9.8 lóṣù. Owó àwọn ọ̀gá á gbé e dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.5, ìyẹn mílíọ̀nù 126 lọ́dún. Iye méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ká ní òṣìṣẹ́ wọn tó 500 lóòótọ́, owó oṣù wọn ì bá lé ní mílíọ̀nù 400. Ẹ rántí ṣá pé iléeṣẹ́ lè kéde iye tó kéré kó lè san owó tó kéré. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi rìsíìtì rọ́pò kíka èèyàn.

Láti owó oṣù dé owó tó ń wọlé

Ibí yìí ni iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń ṣe ti ṣe pàtàkì jù. Iléeṣẹ́ tó ń ta dísù tírélà-tírélà lè ní èèyàn 12 péré kí bílíọ̀nù náírà sì máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́dún. Àmọ́ ní iléeṣẹ́ tó ń gbálẹ̀, èèyàn gan-an ni ọjà tó ń tà. Owó oṣù ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé.

Oníṣòwò yìí bi àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pé, nínú ₦100 tó bá wọlé, èló ló ń lọ sí owó oṣù? Wọ́n ní ó máa ń wà láàárín ₦60 sí ₦70. Tí mílíọ̀nù 126 bá jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, owó tó wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 180. Tó bá jẹ́ ìdá 60, ó di mílíọ̀nù 210. Kì í ṣe iye kan pàtó ló ń wá, bí kò ṣe ìpele tí owó náà wà.

Ó tún rí ẹ̀rí mìíràn. Iléeṣẹ́ náà ń tún ọ́fíìsì ìjọba kan ṣe. Ìpolówó kọ́ńtíráàkì náà tó jáde nínú ìwé ìròyìn ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí fi ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún 3 hàn, kí owó tó ń wọlé fún un má sì dín ní mílíọ̀nù 100 lọ́dún. Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ náà, a mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ìjọba pé àwọn kò kéré sí iye yẹn.

Nígbà tó wá béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ akáǹtáǹtì wọn, èsì tó gbọ́ ni: "Màmá, iléeṣẹ́ kékeré ni wá. Òfin ò sọ pé ká gba ọ́dítọ̀."

Òótọ́ ni pé CAMA yọ̀ǹda kí iléeṣẹ́ kékeré má lo ọ́dítọ̀. Ṣùgbọ́n lára ohun tí òfin náà fi ń mọ iléeṣẹ́ kékeré ni pé kí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún má ju mílíọ̀nù 120 lọ, kí dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè kúrò má sì ju mílíọ̀nù 60 lọ. Iléeṣẹ́ tó ń san mílíọ̀nù 126 fún òṣìṣẹ́ nìkan kò lè sọ pé ohun tó ń wọlé kò tó 120, àfi tó bá ń ṣòwò àdánù. Ó lè jẹ́ pé ìṣirò tí ọ́dítọ̀ yẹ̀ wò wà nílẹ̀, tàbí pé ó yẹ kó wà àmọ́ wọn kò ṣe é, tàbí pé iléeṣẹ́ náà ń jẹ gbèsè tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ tà láwìn mọ̀ ọ́n.

Kí ni ọ́fíìsì lè fi hàn?

Ọ́fíìsì wọn l'Ékòó gùn tó mítà 12, ó sì fẹ̀ tó mítà 8, ìyẹn mítà 96 níbùú lóròó. Ní ọ́fíìsì, èèyàn kan tó ní tábìlì tirẹ̀ máa ń gba nǹkan bíi mítà 10. Nítorí náà, ààyè yẹn á gba èèyàn 9 tàbí 10. Èyí bá iye ọ̀gá àti akọ̀wé tí iléeṣẹ́ òṣìṣẹ́ 140 nílò mu, torí àwọn tó ń gbálẹ̀ kì í jókòó sí ọ́fíìsì.

Ẹ̀ka Àbújá ńkọ́? Nígbà tó wá àdírẹ́sì náà kiri lórí ayélujára, ó rí i pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ló ń lo ilé kan náà àti yàrá kan náà. Ilé àjùmọ̀lò ni, níbi tí wọ́n ti máa ń san owó kékeré láti fi gba lẹ́tà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà sí ẹ̀ka.

Ibi tí ìṣirò parí sí

Owó tó ń wọlé wà láàárín mílíọ̀nù 180 sí 210 lọ́dún, ìyẹn mílíọ̀nù 15 sí 17.5 lóṣù. Mílíọ̀nù 10.5 ti lọ sí owó oṣù nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní, nínú ₦100, nǹkan bíi ₦10 ló ń lọ sí ọṣẹ àti oògùn. Fún iléeṣẹ́ yìí, ìyẹn jẹ́ bíi mílíọ̀nù 1.5 lóṣù.

Ọjà mílíọ̀nù 6 tí wọ́n fẹ́ gbà láwìn jẹ́ ohun tí wọ́n á lò fún bíi oṣù mẹ́rin, nígbà tí wọ́n ní àwọn á san owó rẹ̀ láàárín oṣù kan ààbọ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ tún ọjà náà tà kí wọ́n lè rí owó san oṣù. Bóyá kọ́ńtíráàkì tuntun ń bọ̀ lọ́nà. Ìṣirò kò lè sọ èwo ni, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí oníṣòwò náà mọ ohun tó yẹ kó bèèrè.

Kò sọ pé òun kò tà. Ó ní òun á kó ọjà mílíọ̀nù 1.5 fún wọn, kí wọ́n san owó rẹ̀ ní ọjọ́ 30, kí òun tó kó òmíràn. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ju ìyẹn lọ, kí wọ́n mú lẹ́tà kọ́ńtíráàkì tuntun náà wá kí òun rí i.