Òjìji Kò Gbọdọ̀ Tako Oòrùn

Ká ní ẹbí kan ya fọ́tò níta nírọ̀lẹ́, tí wọ́n wá fẹ́ kí ayàwòrán fi ẹ̀gbọ́n wọn tí kò sí níbẹ̀ kún un. Òjìji àwọn tó wà níbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Bó bá nà sí ọ̀tún, apá òsì ni oòrùn wà. Ẹni tó dúró nítòsí ibi tí ẹ̀gbọ́n yóò wà ni kó fi wọn gígùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó wo imú ẹ̀gbọ́n. Bí apá òsì imú bá ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀tún wá nìyẹn. Ó lè yí àwòrán náà sódì, àmọ́ bọ́tìnnì àti ìkọ̀wé ara aṣọ yóò yí pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ya ẹ̀gbọ́n, ojú rẹ̀ kò ní ní ìtànṣán oòrùn rárá. Ní tèmi, kí wọ́n wá fọ́tò mìíràn sàn jù.

Láti ṣe òjìji, yóò ṣe ẹ̀dà àwòrán ẹ̀gbọ́n, kùn ún ní dúdú, tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì yan Multiply nínú Photoshop. Kì í ṣe dúdú kirikiri o! Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ṣì ń dé inú òjìji, nítorí náà kó mú àwọ̀ rẹ̀ lára òjìji gidi inú fọ́tò. Etí rẹ̀ máa ń mú níbi ẹsẹ̀, á sì máa rọ̀ bó ṣe ń lọ síbi orí. Bí okùnkùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò bá sí lábẹ́ bàtà, ẹ̀gbọ́n yóò dà bí ẹni tó léfòó.